Kí Ẹ Tó Ra Tẹlifíṣọ̀n ní Òṣogbo: Ẹ Kọ́kọ́ Bá Ẹni Tí Yóò Tún Un Ṣe Sọ̀rọ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá: "Ẹ jọ̀wọ́, tẹlifíṣọ̀n wo ni kí n rà?" Bí mo bá bi wọ́n padà pé ta ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí èsì fọ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ síbí wà fún ẹni tó ń gbé Òṣogbo, tó ń lo iná IBEDC àti bóyá ìnfátà kékeré, tó sì fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n láti ínṣì 32 dé 55. Ìlànà mi kò ju mẹ́ta lọ: ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́ kọ́kọ́ máa wá, ẹ ó wá mú irú ojú tó bá pálọ̀ yín mu, ọ̀rọ̀ sìmáàtì ló máa gbẹ́yìn.

## Ohun tó máa ń bàjẹ́ lára tẹlifíṣọ̀n

Àìsàn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, wọn ò sì dọ́gba.

Èkíní ni bákíláìtì. Ojú tẹlifíṣọ̀n LED kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Àwọn gílóòbù wínníwínní tí wọ́n tò sára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tanná sí i. Sítírípù ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ọ̀pá yẹn. Wọ́n so àwọn gílóòbù náà tẹ̀léra, tó fi jẹ́ pé iná gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀kan kó tó dé ara èkejì. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá jó, gbogbo ìyókù lè kú tẹ̀lé e. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn, àwòrán ò ní yọ. Ẹni tó mọṣẹ́ lè tún èyí ṣe ní Òṣogbo níbí, owó rẹ̀ kì í sì í sábà ga ju ara lọ.

Èkejì ni bọ́ọ̀dù, pàápàá bọ́ọ̀dù tó ń gba iná. Bí iná bá ṣẹ́jú tàbí tó bá padà dé pẹ̀lú agbára, òun ló máa ń fara gbá a. Èyí náà ṣeé tún ṣe, tàbí kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, bí bọ́ọ̀dù irú rẹ̀ bá wà lọ́jà.

Ẹ̀kẹta ni páńẹ́lì, ìyẹn ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá là, ó ti tán. Owó páńẹ́lì tuntun máa ń sún mọ́ owó odindi tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà oníṣẹ́ tó bẹ̀rù Ọlọ́run yóò sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe ìnáwó yẹn. Bí ìlà bá ń dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó lè jẹ́ pé rọ́bà pẹlẹbẹ tó gbé iná dé etí páńẹ́lì ló ti yọ. Ẹ̀rọ pàtàkì kan ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ padà, kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní in.

Bí ẹ bá ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́tọ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà.

## Bí ẹ ṣe máa wá ẹnjiníà kí ẹ tó wá ṣọ́ọ̀bù

1. Ẹ wá oníṣẹ́ méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Kí ọ̀kan wà ládùúgbò yín, kí èkejì wà níbòmíràn nígboro. Bí ẹ bá ń gbé Òkè-Baálẹ̀, ẹ lè wá èkejì lọ sí Òkè-Fìà tàbí Àlẹ́kúwodò. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá bára mu lórí orúkọ tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ lè gbà á gbọ́.

2. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹlifíṣọ̀n wo lẹ kì í fẹ́ gbà bí wọ́n bá gbé e wá?" Bí ẹ bá bèèrè èyí tó dára, orúkọ ńláńlá ni wọ́n máa dá fún yín. Èyí tí wọ́n ń sá fún ló ń sọ òótọ́ ọjà, torí wọ́n ti jìyà rẹ̀ rí: bóyá kò sí bọ́ọ̀dù rẹ̀, tàbí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó máa ń là lọ́wọ́.

3. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń rí sítírípù àti bọ́ọ̀dù rà, àti iye ọjọ́ tó ń gbà. Èyí tó wà nílẹ̀ nígboro dára jù. Èyí tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí ní Alábà ní Èkó ṣì ṣeé fara mọ́. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ wá ògbólógbòó irú rẹ̀ wá kí àwọn lè tú u, ẹ fi sílẹ̀.

4. Ẹ wo àyè iṣẹ́ rẹ̀. Láti pààrọ̀ sítírípù, dandan ni kó gbé páńẹ́lì kúrò lókè, páńẹ́lì yẹn kò sì nípọn rárá. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa á ní tábìlì tó tẹ́jú tó fi fóòmù tàbí aṣọ rírọ̀ tẹ́, rọ́bà tó ń fà mọ́ gíláàsì láti fi gbé e, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń dán bákíláìtì wò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti ń tú u láàárín ìṣó àti wáyà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

5. Ẹ bi í bóyá gbogbo sítírípù ló máa ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdáhùn tó tọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń fi wáyà fo gílóòbù tó jó dá, àwọn mìíràn á fi ẹyọ kan tí agbára rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ojú rẹ̀ á tàn lóòótọ́, àmọ́ àbàwọ́n dúdú á wà níbì kan, àwọn ìyókù tí wọ́n ti jọ dàgbà náà kò sì ní pẹ́ kú.

Nínú ọ̀rọ̀ gbígbé páńẹ́lì yìí náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ti wọlé. Èèyàn kan lè gbé páńẹ́lì ínṣì 32 tàbí 43 láìsí wàhálà. Ti 55 gba èèyàn méjì tí ọwọ́ wọn bára mu, ibẹ̀ ló sì máa ń là sí jù. Nítorí náà, bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe tóbi tó ni ewu àtúnṣe rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mi ò sọ pé kí ẹ má ra ńlá o. Kí ẹ sá mọ̀ kí ẹ tó san owó ni.

## Irú ojú wo ló yẹ yín?

Orúkọ pọ̀ lára páálí, ṣùgbọ́n ilé méjì péré ni wọ́n ti wá: èyí tó ní bákíláìtì àti èyí tí kò ní.

LED àti QLED. Àwọn wọ̀nyí ní bákíláìtì. QLED kì í ṣe ohun tuntun tó yàtọ̀ pátápátá. LED náà ni, wọ́n kàn fi ìpele kan sáàárín bákíláìtì àti páńẹ́lì kí àwọ̀ lè tàn kó sì mọ́ sí i. Ẹni tó bá lè tún LED ṣe lè tún QLED ṣe, bó bá fara balẹ̀ pẹ̀lú àwọn bébà inú rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí sítírípù wà. Nínú àwọn kan, ó tò káàkiri ẹ̀yìn ojú. Irú èyí máa ń nípọn díẹ̀ lẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ wa sì mọ̀ ọ́n dunjú. Nínú àwọn tó fẹ́lẹ́ gan-an, etí ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ nìkan ni wọ́n tò ó sí. Ooru gbogbo á wá kóra jọ síbi kan, sítírípù gígùn rẹ̀ kì í sì í rọrùn láti rí. Bí ọlọ́jà bá ń yìn ín fún yín pé ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ẹ rántí èyí.

OLED. Eléyìí kò ní bákíláìtì. Ẹyọ wínníwínní kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di ojú rẹ̀ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi dúdú kirikiri. Kò sí èyí tí àwòrán rẹ̀ dà bíi tirẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀ mi ò ní gba ẹni tó ń gbé Òṣogbo nímọ̀ràn láti rà á, àyàfi bó bá jẹ́ tuntun, tí wáráǹtì rẹ̀ sì dájú. Bí ojú rẹ̀ bá bàjẹ́, páńẹ́lì ni ó bàjẹ́, a sì ti sọ iye tí páńẹ́lì jẹ́. Èkejì, ohun tó bá dúró sójú kan pẹ́ títí máa ń tẹ̀ sí i lára. Nínú ilé tí wọ́n ti ń tan ìkànnì ìròyìn kan ṣoṣo láti àárọ̀ dé alẹ́, àmì ìkànnì náà lè tẹ̀ sí igun rẹ̀, kó má lọ mọ́.

IPS tàbí VA. Nínú àwọn LED, irú páńẹ́lì méjì yìí ló wọ́pọ̀, ọlọ́jà kì í sì í sábà mọ̀ ọ́n. VA máa ń dúdú dáadáa nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. IPS kì í ṣá láti ẹ̀gbẹ́, àmọ́ dúdú rẹ̀ máa ń jọ eérú bí ẹ bá paná pálọ̀. Ẹ ronú sí bí a ṣe ń to àga nílé wa: ògiri mẹ́ta ni àga máa ń fẹ̀yìn tì, àlejò àti ọmọdé sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀, IPS ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ yàrá ni ẹ fẹ́ gbé e sí, tí ẹ̀yin nìkan á máa wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, VA dára jù.

Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé àwòrán ojú èèyàn sí i, kí ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i mọ́. Bí ara ẹni náà bá funfun bí ẹni da omi sí ọ̀dà, VA ni. Ẹ má ṣe fi ìka tẹ ojú rẹ̀ láti mọ̀, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe.

## Ọ̀rọ̀ sìmáàtì

Ohun tó mú kí n fi èyí kẹ́yìn ni pé sìmáàtì ṣeé fi kún un lẹ́yìn ọ̀la, ojú kò ṣeé pààrọ̀. Bí ẹ bá ra tẹlifíṣọ̀n lásán tó ní HDMI àti USB, ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò HDMI nígbàkígbà, á sì di sìmáàtì. Bákan náà, bí sìmáàtì inú tẹlifíṣọ̀n yín bá ń fà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀rọ yẹn náà ló máa gbà yín, ẹ kò ní tìtorí rẹ̀ ra òmíràn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó ti wà nínú rẹ̀, ẹ wo orúkọ tó bá jáde lójú rẹ̀ bó ṣe ń tàn. Google TV, webOS, Tizen àti VIDAA jẹ́ èyí tí àwọn tó ṣe é ń bójú tó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àǹdíróòdì fóònù ni wọ́n kó sínú rẹ̀, tí wọ́n sì lẹ Smart mọ́ páálí. Ẹ ó rí YouTube lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Netflix á kọ̀ láti ṣí, tàbí kó ṣí kí àwòrán rẹ̀ máa ṣe bàìbàì. Ẹ má gbà kí wọ́n fi àmì áàpù tó wà lójú rẹ̀ tàn yín. Ẹ ṣí i níwájú wọn.

Ẹ ṣírò dàtà pẹ̀lú. Netflix ní àwòrán HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, 4K sì lè jẹ tó 7GB. Bí ẹ bá ń wo HD fún wákàtí 2 lálaalẹ́, 6GB nìyẹn lóòjọ́, 180GB lóṣù. Bó bá jẹ́ dàtà fóònù lẹ fẹ́ fi gbé e, ó ṣeé ṣe kí dẹ́kódà àti fáláàṣì USB tó yín.

Fún ìkànnì ọ̀fẹ́, ẹ wá DVB-T2 lára páálí, torí òun ni Nàìjíríà ń lò. Tokunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá kì í ní in, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò sì gbà ju iná 120V lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: 100-240V ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó máa ń fara da iná tó bá lọ sílẹ̀.

## Àpẹẹrẹ: ilé kan ní Ayétòrò

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta, sófà wọn jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 7, àga méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Wọ́n ní ìnfátà oníbátìrì ásíìdì kan, 12V, 100Ah. Mẹ́ta ni wọ́n fi hàn wọ́n, owó wọn kò sì jìnnà síra: LED ínṣì 43 tuntun tó nípọn díẹ̀, OLED ínṣì 55 tokunbọ̀, àti LED ínṣì 50 tó fẹ́lẹ́, tó ní gbogbo áàpù, àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí ẹnjiníà méjèèjì.

Wọ́n kọ́kọ́ wo ìjókòó. Bí a bá sọ ìwọ̀n ojú di ìlọ́po 2, 43 á di ínṣì 86, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 7 àti díẹ̀. 43 tó wọn, 50 náà kò sì burú.

Lẹ́yìn náà, iná. Bátìrì yẹn ní wáàtì-wákàtí 1200 nínú bí a bá fi 12 lọ́nà 100. Bátìrì ásíìdì kò yẹ kí a lò kọjá ìdajì, ìnfátà náà á sì jẹ díẹ̀, ó kù bíi 500. LED 43 tí wọ́n kọ 80W sí lára, pẹ̀lú dẹ́kódà 15W, á lo bíi wákàtí 5. 55 tó ń jẹ 130W pẹ̀lú dẹ́kódà yẹn náà, wákàtí 3 àti ààbọ̀ ló máa lò, kò sì tíì kan fáànù.

Ó wá ku àtúnṣe. OLED tokunbọ̀ jáde lọ́tẹ̀ yìí: kò sẹ́ni tó mọ iye wákàtí tó ti tàn, kò sí wáráǹtì, ojú rẹ̀ kò sì ní ìwòsàn. Èyí tó fẹ́lẹ́ jáde nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ wà. 43 ni wọ́n mú, wọ́n sì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.

## Ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ dán an wò báyìí

Ẹ ti kó àwòrán funfun, dúdú àti pupa lásán sínú fáláàṣì láti ilé.

1. Ẹ ní kí wọ́n tú páálí tí ẹ máa gbé lọ gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lára ògiri.
2. Ẹ fi funfun sí i. Bí ẹ bá rí ibi tó ṣókùnkùn tàbí tó ti yí sí àwọ̀ ayinrin, sítírípù rẹ̀ ń ṣàìsàn.
3. Ẹ fi dúdú sí i kí ẹ wá àmì tó ń tàn tí kò kú. Ẹ fi pupa sí i: níbẹ̀ ni àmì ìkànnì tó ti tẹ̀ sí tokunbọ̀ lára máa ń hàn.
4. Ẹ dán gbogbo ihò HDMI àti USB wò, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ fi Wi-Fi fóònù yín ṣí áàpù tí ẹ máa ń lò.
6. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọlọ́jà tó bá ń kánjú yín níbí, ẹ bi í léèrè ìdí.

Kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀:

- nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti páálí mu, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì;
- ẹ bèèrè ibi tí wáráǹtì rẹ̀ wà, Òṣogbo, Ìbàdàn tàbí Èkó, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀;
- ẹ bèèrè bóyá wáráǹtì náà kan bákíláìtì, torí àwọn kan yọ ọ́ sílẹ̀;
- inaró ni kí ẹ gbé e wálé. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ sínú búùtù máa ń là lọ́nà.

## Nígbà tó bá délé

Bó bá bi yín ní ìbéèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ yan Home, ẹ má yan Store. Store ni ti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń tan bákíláìtì dé òpin. Ẹ wá lọ sí ibi tí wọ́n kọ Backlight sí, kí ẹ fà á wá sí nǹkan bíi 60 tàbí 70 nínú 100. Kì í ṣe Brightness o, ìyẹn yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo yìí lè fi ọdún kún ọjọ́ orí sítírípù, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó dúró ná kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́. Lákòókò òjò, ẹ yọ wáyà ẹ́ríà àti ti díìṣì pẹ̀lú, nítorí pé àrá máa ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ má fọ́n omi sí ojú rẹ̀. Omi náà á ṣàn lọ sí etí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni rọ́bà pẹlẹbẹ tí mo dárúkọ lókè sábà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ń yọ ìlà, ibi tí wọ́n ti ń fi omi nù ún ló ti kó àìsàn. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nù ún.

Bó bá di ọjọ́ kan tí ohùn ń jáde tí ojú dúdú, ẹ paná pálọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, bákíláìtì ni, páńẹ́lì yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ pa á, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún ẹnjiníà. Ẹ ní kó pààrọ̀ gbogbo sítírípù, kó sì kó àwọn àtijọ́ lé yín lọ́wọ́ bó bá parí iṣẹ́.